Ohùn Alhaji, Ọ̀rọ̀ Tíṣà

Èmi Ṣìkẹ́mi, atẹ̀wé Mákùn, mi ò lè dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ Alhaji Mọ́ṣúdù. Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́wọ́ Ọlọ́run!

Alhaji ni olórí àwọn awakọ̀ tó ń kó èrò ní Ògèrè, létí ọ̀nà márosẹ̀. Lọ́dún 1981, káńsù ní àwọn fẹ́ gba gáréèjì wọn, kí wọ́n kó lọ sínú igbó kan tó jìnnà réré sí ọjà. Rédíò wá fún Alhaji ní ìṣẹ́jú mẹ́ta láti bá ará ìlú sọ̀rọ̀ kí káńsù tó jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ohun tó máa sọ lórí ìwé.

Alhaji gbé rẹ́kọ́dà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó sọ̀rọ̀ títí ojú kan kásẹ́ẹ̀tì fi tán. Ẹnu ọkùnrin yìí dùn, ẹ jọ̀ọ́! Ó bú, ó bẹ̀, ó búra, ó yà sórí ọ̀rọ̀ táyà, ó tún padà. Nígbà tó lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ, mo ń dá a dúró, mo ń dà á sẹ́yìn, mo kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo wá ń gé. Ohun tó sọ lẹ́ẹ̀mẹrin, èyí tó mú jù ni mo mú. Mo yọ ọ̀rọ̀ táyà. Èyí tó gbóná jù, tó fi sí ìparí, mo gbé e síwájú. Ṣùgbọ́n mi ò fi ọ̀rọ̀ tèmi kankan sí i. Mo kà á sókè, ibi tí èémí bá ti fẹ́ tán, mo fa ìlà síbẹ̀ kó lè sinmi. Ó jáde báyìí:

"Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará Ògèrè. Wọ́n ní ká lọ sínú igbó. Ta ló máa ru apẹ̀rẹ̀ ata débẹ̀? Ìyá wọn ni? Ìyá tèmi ò lè rìn ín. A ò lọ! Mo ní a ò lọ!"

Bí ẹ bá dijú, Alhaji gan-an lẹ máa rí.

Alhaji kà á, ó sì fajú ro.

"Ṣìkẹ́mi, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé nìyí. Rédíò mà ni! Àwọn àna mi máa gbọ́."

Ló bá kó ìwé àti kásẹ́ẹ̀tì lọ bá Tíṣà Ọláníyọnu ní Ìkẹ́nnẹ́, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í kí èèyàn káàárọ̀ kó má wàásù tì í. Tíṣà tún un kọ:

"Ẹ̀yin ọlọ́lá jùlọ, pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ ọkàn ni mo fi dìde. A kò lòdì sí ìlọsíwájú tí ìjọba wa ọ̀wọ́n ń mú bọ̀. Bí ó bá wu àwọn aláṣẹ, kí wọn ó ṣíjú àánú wò wá."

Nígbà tó gbé e wá kí n tẹ̀ ẹ́, mo ní, "Alhaji, níbo lẹ ti sọ pé ẹ ò lòdì sí i?"

"Bí ọ̀làjú ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ìlara ń yọ ẹ́ lẹ́nu."

Ìlara kẹ̀! Alhaji kọ́ ọ sórí bí ọmọ iléèwé, ó ń kà á fún gbogbo ẹni tó bá wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ tó jáde lórí rédíò, Sàdíátù ìyàwó rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi. Ó tẹ́tí, ó ní, "Ta ni bàbá yìí?"

Mo ní, "Ọkọ yín ni."

"Háà! Ṣé ara ẹ̀ yá ṣá?"

Káńsù jókòó. Alága dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn awakọ̀ fúnra wọn ti sọ ọ́ pé àwọn ò lòdì sí i, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Alhaji. Alhaji fò dìde pé òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tẹ kásẹ́ẹ̀tì rédíò síbẹ̀ fún un. Ohùn rẹ̀ ni. Àwọn awakọ̀ rẹ̀ wò ó tìkà-tẹ̀gbin, wọ́n jáde.

Lọ́jọ́ kejì, ó sáré dé ṣọ́ọ̀bù mi. Rédíò ti gbà kó tún wá fèsì kí katapílà tí káńsù fẹ́ fi wó gáréèjì tó dé.

"Ṣìkẹ́mi, gbé ti àkọ́kọ́ yẹn wá."

"Ọ̀dọ̀ Tíṣà lẹ kó o lọ."

Alhaji sáré lọ bá a, ó padà wá lọ́wọ́ òfo: Tíṣà ti ya ìwé. Ó sì ti gba orin àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì sórí kásẹ́ẹ̀tì.

Mo ní, "Kò burú. Ẹnu yín ṣì wà. Ẹ tún un sọ." Mo ki kásẹ́ẹ̀tì tuntun bọ rẹ́kọ́dà, mo tẹ̀ ẹ́.

Alhaji tún fìlà ṣe. Ó wúkọ́. "Ẹ̀yin ọlọ́lá jùlọ, pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ ọkàn..."

Mo dá a dúró. "Alhaji, bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ ní gáréèjì ni!"

"Ó yé mi." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin awakọ̀ mi ọ̀wọ́n, bí ó bá wù yín..."

A ṣe é títí òógùn fi bò ó. Inú bí mi, àánú rẹ̀ sì tún ń ṣe mí. Ìgbà tó yá, ó sinmi, ó wojú mi bí ẹni ń retí oríyìn.

"Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn, Alhaji. Ẹ lọ kà á fún katapílà."