Èrè Ọdún Kẹta

Inú Olówùú dùn ṣìnkìn lọ́jọ́ náà, ẹ má sì dá a lẹ́bi. Obìnrin tó ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù fún àwọn aránṣọ, tó ti ń jẹ owó ọjà mọ́ owó oúnjẹ tipẹ́tipẹ́, tó wá rí èrè níkẹyìn, ṣé kó máa sunkún ni?

Ètò ọlọ́dún márùn-ún rẹ̀ wà ní kíkọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ọdún kìíní, kó ya owó ilé sọ́tọ̀ kúrò lára owó ọjà, kó máa san iye kan fún ara rẹ̀ lóṣù, ọwọ́ ò sì gbọdọ̀ wọ àpótí owó ọjà mọ́. Ọdún kejì, kó tọ́jú owó tó lè gbé ṣọ́ọ̀bù fún oṣù mẹ́ta bí ọjà bá kùtà. Ọdún kẹta, kí ìdajì èrè padà sínú ọjà. Ọdún kẹrin, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rán etí aṣọ kó má baà tú. Ọdún karùn-ún, ṣọ́ọ̀bù kejì.

Ọdún kẹta ti parí. Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tó fẹ́ yá a lówó ẹ̀rọ, wá wo ìwé ìṣirò rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, màmá. Nínú ọgọ́rùn-ún tó wọlé, méjìlá ló ṣẹ́ kù. Ta ló ń tajà tí ẹ bá lọ kó ọjà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ẹ̀gbọ́n náà wà nídìí pẹpẹ, ó ń to bọ́tìnnì, bó ṣe ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ fún ọdún mẹ́ta.

"Èló lẹ ń san fún wọn?"

Olówùú bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Ọmọ ìyá mi kẹ̀? Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àwa la jọ wà ńbẹ̀!"

"Tó bá jẹ́ ará ìta ńkọ́?" Akọ̀wé kọ owó tí wọn ì bá san fún ará ìta sílẹ̀, ó yọ ọ́ kúrò nínú méjìlá náà. "Mẹ́wàá ti lọ. Méjì ló kù. Màmá, èyí kì í ṣe èrè. Owó iṣẹ́ wọn ni."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Olówùú. Ó rántí pé lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n rọra tọrọ owó dókítà eyín, òun sì ní ètò ò gbà á. Títí dòní, ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ló fi ń jẹun. Ojú tì í débi pé kò lè wo ibi pẹpẹ.

Bí akọ̀wé ṣe jáde, Olówùú kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ foríjì mí. Mo ti jẹ iṣẹ́ yín gbé. Ẹ̀rọ á dúró ná. Láti oṣù yìí, màá máa san owó oṣù yín."

Ó rò pé ẹ̀gbọ́n á ṣàdúrà fún òun. Ẹ̀gbọ́n gbé bọ́tìnnì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Owó oṣù?" Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Dìde, àbúrò mi, o ò ṣẹ̀ mí. Gbogbo oníbàárà tó bá wọlé ni mo máa ń kí káàbọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù wa. Mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ ni mò ń bá ẹ ṣe."

Olówùú ò lè dìde.