Iye Tó Wà ní Ipò Kìíní

Gìrìgbá-gbà, gìrìgbá-gbà: bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onírin máa ń ké lẹ́yìn ọ́fíìsì Dọ́kítà Olúyẹmí ní gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ sáà, bí wọ́n bá ń tẹ hándáọ̀tù rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ọ́fíìsì náà wà, létí Ìlọrin lọ́nà Òkè-Oyì, ti wó báyìí, lẹ́yìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí. Koríko ló jogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Sulaiman bá gbọ́ irin tó ń lu irin níbi tó ń gbé lókè òkun, hándáọ̀tù yẹn ló máa ń rántí, ìtìjú a sì mú un.

Dọ́kítà kò yí ìlà kan padà nínú rẹ̀ láti ọdún 1979. Ọkùnrin náà ní ikùn, ó ní táì, ó ní ohùn. Ohun tí kò ní ni iyèméjì. Kì í ṣe ìṣirò mọ́, ó kàn ń kà á síta ni, bí ẹni ń kéde òkú. Sulaiman, ọmọ àdúgbò Gàmbàrí ní Ìlọrin, olùkọ́ kékeré lábẹ́ rẹ̀, ló ń bá a máàkì ìdánwò.

Ìbéèrè kẹrin nínú ìdánwò ọdún 1991 nìyí, inú hándáọ̀tù náà gan-an ni wọ́n ti mú un. Ọ̀wọ́ òǹkà kan ní 2 ní ipò òfo, ó ní 5 ní ipò kìíní. Láti ipò kejì lọ, a ó mú iye tó ṣáájú lọ́nà márùn-ún, a ó sì yọ iye tó wà ṣáájú ìyẹn lọ́nà mẹ́fà kúrò: 2, 5, 13, 35, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wá òfin kan tí yóò sọ iye ipò èyíkéyìí láìka àwọn tó ṣáájú rẹ̀.

Jẹnẹréétìn fọ́ńṣàn ni wọ́n fi ń tú u. A ó kó gbogbo iye náà sínú G, kálukú pẹ̀lú x tirẹ̀: 2 + 5x + 13x² àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá yọ 5xG kúrò lára G, tí a fi 6x²G kún un, gbogbo ohun tó wà láti x² lọ á pa ara wọn rẹ́, á wá ku ìbẹ̀rẹ̀ nìkan. Ibẹ̀ ni Dọ́kítà ti fẹsẹ̀ kọ. Ó ní ohun tó kù ni 2 + 5x. Ó gbàgbé pé 5xG gbé 10x tirẹ̀ wá tí yóò yọ kúrò níbẹ̀, pé 2 − 5x ló kù. Àṣìṣe ọmọdé. Ó wá pín in sí ìdá méjì, ọ̀kan lórí 1 − 2x, èkejì lórí 1 − 3x, ó sì gbé òfin jáde: 11·3ⁿ − 9·2ⁿ, tí n jẹ́ ipò. Ó fi òfo dán an wò, ó rí 2, ó pa ìwé dé, ó lọ jẹun. Ọdún méjìlá gbáko ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi há a sórí.

Rokibat, ọmọ àgbẹ̀ kan ní Òkè-Oyì, kò há a. 2ⁿ + 3ⁿ ló kọ. Dọ́kítà fa ìlà pupa gba orí rẹ̀, kò fún un ní máàkì kankan, ìyẹn ló sì gbé e ṣubú. Bàbá rẹ̀ ti sọ pé kò sí owó ilé-ìwé fún ọdún mìíràn mọ́. Rokibat wá kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì Dọ́kítà.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀kan dán tiyín wò."

"Mo ti fi òfo dán an wò. Ó ṣe rẹ́gí."

"Ẹ fi ọ̀kan, sà. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa fún yín. Ìbéèrè yín fúnra rẹ̀ ní márùn-ún."

Dọ́kítà fimú rẹ́rìn-ín. Ó bi í bóyá inú oko ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ti ń kọ́ jẹnẹréétìn fọ́ńṣàn ní Òkè-Oyì. Pẹ́ńsùlù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fi dán nǹkan kan wò. Ó yíjú sí Sulaiman.

"Àáfà, ṣé ìwọ rí àṣìṣe nínú hándáọ̀tù mi?"

Sulaiman ti rí i láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, yọ méjìdínlógún kúrò: ọmọ pírámárì á ṣe é. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí yóò fi ráyè lọ kàwé sí i lókè òkun wà lórí tábìlì yẹn, Dọ́kítà ò sì tíì fọwọ́ sí i. Àáfà, ẹni tó ń kìlọ̀ irọ́ pípa fáwọn ọmọ àdúgbò, wo bàtà ara rẹ̀.

"Hándáọ̀tù la fi ń máàkì, sà."

Rokibat wò ó títí. Kò sunkún. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́," ó sì jáde.

Dọ́kítà fọwọ́ sí lẹ́tà náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Sulaiman dúpẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó lọ, ó kàwé, ó gboyè, ó wá ń kọ́ àwọn ọmọ òyìnbó ní ìṣirò kan náà. Wọ́n ń yìn ín pé ó fara balẹ̀, pé kì í jẹ́ kí wọ́n fi òfo nìkan dán òfin wò. Ó ń gba ìyìn náà bí ẹni ń gba ẹrù olè.

Ní ọdún 1999 ni Hadiza, àbúrò rẹ̀ ní Gàmbàrí, kọ̀wé pé Rokibat ń kọ́ àwọn ọmọ pírámárì ní Òkè-Oyì láìní sàtífíkéètì, wọ́n sì ti ní kó máa lọ bí kò bá mú un wá kó tó di ọdún tuntun. Sulaiman kọ lẹ́tà mẹ́rin, ó fà wọ́n ya. Àwáwí ló kún inú gbogbo wọn. Èyí tó fi ránṣẹ́ nígbẹ̀yìn nìyí:

"Rokibat, ìdáhùn rẹ tọ̀nà. Mo ti mọ̀ kó o tó kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì purọ́ nítorí ara mi. Mo ti kọ̀wé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì pé kí wọ́n tún ìwé rẹ máàkì. Ìṣirò náà, irọ́ mi àti orúkọ mi wà nínú rẹ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ ni mo fi há inú èyí. Gbé e lọ bá wọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bí wọ́n bá ní irọ́ ni, ní kí wọ́n fi ọ̀kan dán òfin hándáọ̀tù wò níwájú rẹ."