Ọ̀rá Dúdú Kì í Gún Ènìyàn

Ariwo tí Ìyá Rẹ̀mí, agbálẹ̀ lábù àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, pa ní àárọ̀ Ọjọ́rú yẹn, àwọn tó ń kọjá lójú títì ní Jahi gbọ́ ọ.

"Yéè! Abẹ́rẹ́! Abẹ́rẹ́ ti gún mi o!"

Ọ̀rá dúdú tó gbé dání já bọ́. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ gbá ìgò ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta tó wà létí tábìlì, wọ́n já lulẹ̀, wọ́n fọ́. Ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn sì dà káàkiri ní ọ̀nà tóóró tó já láti yàrá inú lábù sí ẹnu ọ̀nà.

Mofìyìnfólúwa, tí gbogbo wọn ń pè ní Fìyìn, fò dìde níbi tó jókòó sí ní yàrá inú. Ó wo ọ̀rá yẹn. Ó mọ abẹ́rẹ́ náà. Abẹ́rẹ́ tirẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, kó má baà rú yín lójú. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni Fìyìn ń ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ìgbéyàwó òun àti Olúṣèyí, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Pásítọ̀ ti ní kí àwọn méjèèjì mú èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wá ní Sátidé. Ọmọ tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ayé wò, ẹ̀rù tirẹ̀ wá ń bà á! Ó ní òun á kọ́kọ́ mọ̀ kí pásítọ̀ tó mọ̀. Ló bá ti agogo mẹ́fà ààbọ̀ wọlé, ó so okùn mọ́ apá òsì, ó fa ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. HIV kò sí. Ṣùgbọ́n ti hẹpatáítìsì B, àrùn tó máa ń jẹ ẹ̀dọ̀, ìlà méjì ló yọ lójú àyẹ̀wò náà. Ó tún un ṣe. Ìlà méjì náà ló tún yọ.

Ibi tó ti ń wò ó ló ti gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ń yí lẹ́nu ọ̀nà. Páálí abẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n máa ń ju abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò sí, tó wà lórí tábìlì rẹ̀ ti kún dé ojú ìlà, òun fúnra rẹ̀ ló sì dé e pa lánàá, torí pé wọn kì í jẹ́ kó kún kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Òmíràn wà ní yàrá tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni Ọmọ́níkẹ́, ọmọbìnrin tó ń gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn aláìsàn, ń wọ̀ bọ̀. Ojú ti Fìyìn. Ó fi ìbọ̀wọ́ wé abẹ́rẹ́ náà, ó tì í sínú agbọ̀n ìwé lábẹ́ tábìlì. Ó ní òun á yọ ọ́ tó bá yá. Ẹ gbọ́ ná, ìgbà wo ni "tó bá yá" yá rí? Iṣẹ́ dé, ọkàn rẹ̀ sì wà lórí ìlà méjì yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Rẹ̀mí ṣe kó agbọ̀n náà dà sínú ọ̀rá dúdú.

Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yẹn, Ìyá Rẹ̀mí ni eérú kọ́kọ́ fẹ́ bá.

Ìyá Rẹ̀mí ti sá padà sínú yàrá inú. Ó bẹ̀rẹ̀ wàràwàrà lábẹ́ síǹkì, ó gbé ike bílíìṣì, ó fẹ́ dà á sí àtẹ́lẹwọ́. Fìyìn gbá a mú.

"Rárá, Mà! Ẹ má da bílíìṣì sí i! Ẹ má sì fún ojú ibẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ jáde! Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn, ẹ gbé ọwọ́ wá sábẹ́ omi."

Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ fún un, omi ń ṣàn lé e. Ojú ibi tó gún kò tó ojú èèrà. Ó yẹ ẹsẹ̀ àti bàtà obìnrin náà wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ta sí i, kò ta sí i.

Ọ̀gá Bánjọ, tó ni àṣẹ lábù, ti sáré dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn onígíláàsì ní apá kejì. Ó rí ẹ̀jẹ̀ àti àfọ́kù ní gbogbo ìbú ọ̀nà.

"Ẹ dúró síbẹ̀!" ó ké. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Fìyìn, o mọ ohun tó kàn."

Ó mọ̀ ọ́n. Ó wọ épúrọ́ọ̀nù, ìbọ̀wọ́ méjì léra, awò ojú àti ìbomú. Ó da ìwé ìnulẹ̀ bo gbogbo ẹ̀jẹ̀ náà. Ó po bílíìṣì tuntun, ife kan sí ife omi mẹ́fà, ó sì rọra dà á láti etí lọ sáàárín, kí ẹ̀jẹ̀ má baà ṣàn gbòòrò. Ó wo aago. Ààbọ̀ wákàtí ni bílíìṣì gbọdọ̀ wà níbẹ̀ kí ó tó pa ohun tó ń pa. Títí dìgbà náà, ọ̀nà kan ṣoṣo tó jáde ti dí.

Fèrèsé wà, ṣùgbọ́n irin wà lójú rẹ̀. Iná ti lọ. Òórùn bílíìṣì gba gbogbo yàrá, Fìyìn sì ṣí fèrèsé gbayawu. Òun àti ẹni tó ṣe léṣe jókòó kojú ara wọn lórí àga méjì. Ayé há mọ́ ọn.

Fóònù rẹ̀ dún. Ọ̀gá Bánjọ ni, wọ́n ń wo ara wọn nínú gíláàsì bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Mú fọ́ọ̀mù jàǹbá nínú fáìlì, kọ ọ́. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ni ẹlẹ́jẹ̀, ẹni tí abẹ́rẹ́ yẹn fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Tí a ò bá mọ ẹlẹ́jẹ̀, ilé ìwòsàn á fún Mama ní oògùn tó ń dènà HIV fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára hẹpatáítìsì. Ṣùgbọ́n àjẹsára nìkan kì í tètè ṣiṣẹ́. Tí ẹlẹ́jẹ̀ bá ní hẹpatáítìsì B, abẹ́rẹ́ ààbò kan wà tó yẹ kí wọ́n gbà mọ́ ọn, ó sì dára kó jẹ́ láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ó ṣọ̀wọ́n, dókítà ò ní yọ ọ́ jáde lórí 'bóyá'. Mama ò sì gba àjẹsára rí. Ọdún kejì rèé tí agbaṣẹ́ṣe tó gbà wọ́n síṣẹ́ ń sọ pé ó ń bọ̀."

"Mo gbọ́, Sà," ni Fìyìn wí.

Ìyá Rẹ̀mí gbójú sókè. "Kí ni wọ́n wí, Fìyìn ọmọ mi? Ṣé mo ti kú?"

"Ẹ ò ní kú, Mà."

"Rẹ̀mí ò tíì jáde yunifásítì o. Èmi nìkan ni mo dúró tì í nínú ilé wa ní Jikwoyi." Ó nu ojú nù. "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí tìrẹ náà bàjẹ́. Ojoojúmọ́ tí mo bá ń gbá yàrá yìí ni mò ń gbàdúrà sí ìgbéyàwó rẹ. Ìwọ ni o máa ń kí mi bí ìyá."

Fìyìn fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Tó bá sọ̀rọ̀, ọ̀gá á mọ̀, Ọmọ́níkẹ́ á mọ̀, ó di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo Jahi, ó di ti Ṣèyí, ó di ti ìyá Ṣèyí. Lóòótọ́ ó mọ̀ pé hẹpatáítìsì kì í ṣe òpin ayé: àjẹsára wà fún ọkọ, oògùn wà fún aláìsàn. Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ fún ènìyàn bí ọgọ́rùn-ún lábù yẹn. Ó wá kan án, gbogbo ẹ̀ dà bí ìtàn.

Èṣù bá sọ̀rọ̀ sí i létí. Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan, nọ́ńbà mẹ́rìnlá, ti jáde láàárọ̀ yẹn pé ó ní hẹpatáítìsì B. Tó bá kọ nọ́ńbà mẹ́rìnlá, Ìyá Rẹ̀mí á rí abẹ́rẹ́ ààbò náà gbà. Ta ló máa farapa? Ó kọ ọ́. Ó tẹ fóònù, ó kà á fún Ọ̀gá Bánjọ.

"Mẹ́rìnlá?" Ọ̀gá yí padà. "Ọmọ́níkẹ́! Ìwọ lo gba ẹ̀jẹ̀ mẹ́rìnlá, àbí? Abẹ́rẹ́ rẹ ṣe dé inú ọ̀rá dúdú?"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Irọ́ Fìyìn kò tilẹ̀ lo ìṣẹ́jú méjì. Ó rí Ọmọ́níkẹ́ lẹ́yìn gíláàsì, tó kúnlẹ̀, tó na ọwọ́ méjèèjì. Fìyìn ò gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń sọ ọ́: inú páálí ni mo jù ú sí, Ọ̀gá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Oṣù kẹta rẹ̀ rèé lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá Bánjọ na ìka sí ẹnu ọ̀nà àbájáde.

"Kò dáa," ni Ìyá Rẹ̀mí ń kùn. "Ọmọ yẹn kì í ṣe aláìbìkítà. Àná ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dé páálí tuntun."

Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá kí ààbọ̀ wákàtí pé. Kò sí ibi tó lè sá sí. Àti ibi tó wà, àti ibi tó ń lọ, ògiri ni.

Fìyìn fa ìlà gba orí mẹ́rìnlá. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Ó rìn dé etí ìwé tó bo ẹ̀jẹ̀, ó gbé fọ́ọ̀mù náà sókè sí gíláàsì.

"Ọ̀gá! Ẹ fi Ọmọ́níkẹ́ sílẹ̀! Èmi ni! Abẹ́rẹ́ mi ni, ẹ̀jẹ̀ mi ni. HIV ò sí. Hẹpatáítìsì wà níbẹ̀. Mo fi pamọ́ sínú agbọ̀n, ojú ń tì mí."

Ọ̀gá Bánjọ bọ́ awò rẹ̀, ó nu ún, ó tún un wọ̀. Ọmọ́níkẹ́ dìde lórí ìkúnlẹ̀, kò wo Fìyìn.

Ní ẹ̀yìn Fìyìn, Ìyá Rẹ̀mí ò pariwo mọ́. Ìyẹn ló burú jù.

"Ìwọ lo kọ́ wa," obìnrin náà wí wẹ́rẹ́. "O dúró síwájú wa, o ní: ọ̀rá yẹ́lò, ẹ ṣọ́ra. Páálí, ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọ̀rá dúdú, ìwé ni, kì í gún ènìyàn. Mo gbà ọ́ gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀."

Fìyìn sunkún nínú awò ojú, kò sì lè fi ìbọ̀wọ́ nu ún.

Aago pé. Ó fi ẹ̀mú ṣa àfọ́kù ìgò kọ̀ọ̀kan sínú páálí abẹ́rẹ́ tuntun tí Ọ̀gá tì sí i láti etí ilẹ̀kùn. Ẹ̀mú náà ló fi wá abẹ́rẹ́ ọ̀hún jáde nínú ọ̀rá dúdú. Ó dún kín-ín bó ṣe já sínú páálí, ibi tó ti yẹ kó wà láti agogo mẹ́fà ààbọ̀. Ó kó ìwé tó mu ẹ̀jẹ̀ sínú ọ̀rá yẹ́lò, ó fi bílíìṣì nu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fọ ọwọ́. Kò kánjú, kí ohunkóhun má baà tún gún ẹni tó ń dúró dè é.

Ọkọ̀ ti dúró níta. Ọ̀gá Bánjọ ti pe ilé ìwòsàn, wọ́n ní abẹ́rẹ́ ààbò náà wà, kí wọ́n máa bọ̀. Ó ní òun á bá Mama lọ, kí Fìyìn dúró kọ àlàyé rẹ̀. Fìyìn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí Ìyá Rẹ̀mí lè kọjá. Obìnrin náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dúró.

"Rárá," ó wí fún Ọ̀gá. Ojú rẹ̀ ò rọ̀. "Òun ló mọ ohun tó fi sí mi lára. Òun ló máa bá mi lọ."

Fìyìn mú báàgì rẹ̀. Fóònù ń dún nínú rẹ̀, orúkọ Ṣèyí ló wà lójú rẹ̀. Ó gbé e sétí bí wọ́n ṣe ń jáde lọ sídìí ọkọ̀.

"Ṣèyí, mo ti ṣe àyẹ̀wò náà," ó wí. "Wá bá mi ní ilé ìwòsàn."