Ẹyọ Kan Ṣoṣo Là Á Pa

Láti Àkúrẹ́ títí táksí fi já a sílẹ̀ ní Aládé, ní Ìdànrè, Moríyọ̀ kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó gbé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lé itan, ó sì ń wo ohun tí Dókítà Dúrótoyè fi yíǹkì pupa kọ sí iwájú rẹ̀: "Prógíráàmù yìí kò ṣiṣẹ́. Tún un ṣe." Ẹni tó bá ní kí ó tún un ṣe ti ní kí ó lo ọdún kan sí i ní yunifásítì nìyẹn. Ọdún 1981 ni, ìsinmi Àjíǹde sì ni. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń tò sí ní ilé-ìwé. Káàdì tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ lu ihò sí, èyí tí kọ̀ǹpútà fi ń ka prógíráàmù, kún páálí, bí ọ̀kan bá sì jábọ́, àtúnbẹ̀rẹ̀ ni.

Kì í ṣe yíǹkì pupa yẹn gan-an ló ń bí i nínú tó bẹ́ẹ̀. Felix, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ṣe irú iṣẹ́ kan náà, prógíráàmù tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀rọ̀ kan di dandan látinú àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn, tirẹ̀ sì yege. Ìbéèrè kan náà ni Dókítà fi dán àwọn méjèèjì wò. Prógíráàmù ti Felix sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ti Moríyọ̀ sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Dókítà wá gbà pé ti Moríyọ̀ ló bàjẹ́.

Ọmọ Ìdànrè ni Dókítà náà, ó sì ti wálé fún ọdún. Ẹ̀gbọ́n Moríyọ̀, Matthias, ti kìlọ̀ fún un ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn pé kò dára kí ọmọdé lọ ká olùkọ́ mọ́ ilé. Ó gbọ́, ó sì lọ.

Ó bá Dókítà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lábẹ́ òkè ńlá tó ṣíji bo ẹ̀yìn ilé wọn. Ìyàwó rẹ̀, Agatha, tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní ilé-ìwé girama kan ní Àkúrẹ́, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń já ẹ̀fọ́. Pátákó kékeré tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò lásìkò ìsinmi dúró ti ògiri.

Moríyọ̀ kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ẹ má bínú, sà. Nítorí iṣẹ́ mi ni mo ṣe wá. Prógíráàmù mi kò bàjẹ́."

"Ta ló sọ fún ọ?" Dókítà kò gbójú sókè nínú ìwé ìròyìn. "Mo fọwọ́ ara mi ṣe é, ìdáhùn sì jáde. Tìrẹ ò rí i. Kí ni mo fẹ́ pè é?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣe é kí n rí i."

Agatha dá ọwọ́ dúró. Ó na ṣọ́ọ̀kì sí ọkọ rẹ̀. Dókítà kọ́kọ́ wò ó bíi pé kò ní gbà á, ó wá dìde.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rùsí kòkó ni ìbéèrè náà. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: Súbérù ló mú kọ́kọ́rọ́, tàbí Mùíbàt. Súbérù kò mú un, tàbí Mùíbàt kò mú un, nítorí wọn kì í jọ mú un pọ̀. Súbérù kò mú un, tàbí ilé wà ní ṣíṣí, nítorí bó bá wà lọ́wọ́ Súbérù, ṣíṣí ni ilé máa ń wà. Ǹjẹ́ ó di dandan pé ilé wà ní ṣíṣí?

"Bí a ṣe ń ṣe é nìyí," ló wí, bíi pé kíláàsì kún níwájú rẹ̀. "Ohun tí a fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀, a ó kọ òdì rẹ̀ kún un: ilé kò sí ní ṣíṣí. Lẹ́yìn náà, níbi tí gbólóhùn kan bá ti sọ nǹkan, tí òmíràn sì sọ òdì rẹ̀, a ó pa méjèèjì rẹ́, a ó so ìyókù pọ̀. Bó bá já sí gbólóhùn òfìfo, ohun tí a kó jọ ń tako ara wọn. A jẹ́ pé èyí tí a gbà ló bí ohun tí a fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lóòótọ́."

Ó fa ìlà nínú gbólóhùn kìíní àti ìkejì: Súbérù pa kò-sí-Súbérù, Mùíbàt pa kò-sí-Mùíbàt. "Kí ló kù? Kò sí nǹkan kan. Òfìfo. Ó parí."

Inú bí Moríyọ̀. Ó ti rò pé níbi tó le ni àṣìṣe náà máa wà. Níbi tó rọrùn jù ló wà, ibẹ̀ sì ni ọkùnrin yìí fẹ́ gbà ba ọdún kan jẹ́ fún un.

"Ẹ pa méjì lẹ́ẹ̀kan náà, sà. Ẹyọ kan ṣoṣo là á pa. Bí ẹ bá pa ti Súbérù, ó ku Mùíbàt tàbí kò-sí-Mùíbàt. Ìyẹn ò sọ nǹkan kan fún wa. Òótọ́ ni nígbà gbogbo."

"Moríyọ̀."

"Àti pé ẹ ò tilẹ̀ kan ilé náà rárá, sà. Gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ nìkan lẹ lò. Bí ohun tí ẹ ṣe bá tọ́, a jẹ́ pé kò lè ṣeé ṣe kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn méjèèjì. Ṣé ẹ gba ìyẹn gbọ́?"

Moríyọ̀ gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ Dókítà, kò tiẹ̀ rántí fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: ilé kò sí ní ṣíṣí, nítorí náà Súbérù kò mú un. Súbérù kò mú un, nítorí náà Mùíbàt ló mú un. Ó so gbogbo ìyókù pọ̀ ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí òfìfo.

"Ibi tí prógíráàmù mi dúró sí nìyí. Kò rí nǹkan tuntun mọ́, ló bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ wò ó, sà: Mùíbàt mú kọ́kọ́rọ́, Súbérù kò mú un, ilé sì wà ní títì. Gbólóhùn wo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló di irọ́?"

Dókítà fi ìka tẹ̀ lé gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí pátákó.

"Kò sí," ni Agatha dáhùn.

"Èmi ni wọ́n bi," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Ẹ dá a lóhùn nígbà náà."

Moríyọ̀ fi gbólóhùn kan kún un: Mùíbàt kò mú un, tàbí ilé wà ní ṣíṣí. Ó pa Mùíbàt rẹ́, ó ku ilé ní ṣíṣí. Ó fi òdì rẹ̀ pa á, òfìfo yọ. "Bí a bá fi èyí kún un, prógíráàmù mi á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wà ní ojú ìwé tó kẹ́yìn. Ẹ ò ṣí i dé ibẹ̀."

Dókítà jókòó. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti le. "Fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Màá tún un yẹ̀ wò. O lè yege."

"Kíláàsì ńkọ́, sà? Bí ẹ ṣe kọ́ wa nìyẹn. Bí Felix ṣe kọ tirẹ̀ nìyẹn."

"O ti gba ohun tí o wá gbà. Máa lọ sílé."

Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó jáde. Agatha sìn ín dé ojú títì, ó ní kí ó má jẹ́ kí inú bí i jù. Moríyọ̀ ní "ẹ ṣé, mà," ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ fi rìn lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ kó tó wọ ọkọ̀, nítorí kò tíì lè jókòó ti ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ilé-ìwé wọlé, máàkì rẹ̀ ti yí padà. Ní kíláàsì àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe, Dókítà kọ ìbéèrè kọ́kọ́rọ́ sójú pátákó, ó sì ní òun fẹ́ tún ohun kan sọ, kí ó lè yé wọn dáadáa: ẹyọ kan là á pa lẹ́ẹ̀kan. Kò sọ pé òun ṣì wọ́n lọ́nà. Kò wo apá ibi tí Moríyọ̀ jókòó.

Felix ló yíjú sí i. Ojú rẹ̀ ti ṣá. "Ìwọ ni, àbí? Prógíráàmù tèmi wá ńkọ́?"

"Ìdáhùn rẹ̀ ò tọ́."

"Ṣùgbọ́n ó ti gba máàkì."

"Mo mọ̀," ni Moríyọ̀ wí. Ó ká ìwé rẹ̀, ó sì jáde nígbà tí Dókítà ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ohun tí kò ṣe rí láti ọdún mẹ́ta tó ti wà níbẹ̀.