Adùn Tí Ahọ́n Wúrà Kọ Sára Àpò

Ahọ́n Wúrà ni àwọn oníbàárà ń pe obìnrin náà. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ń yan kọfí nílé iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì jọ dá sílẹ̀. Òun ẹ̀gbọ́n ló ń tọ́ ọ wò, tó sì ń kọ adùn rẹ̀ sísàlẹ̀ ìwé ara àpò. Àmọ́ látìgbà tí òtútù ti mú un níbẹ̀rẹ̀ òjò ni imú rẹ̀ ti kú. Ahọ́n ṣì mọ kíkan, kíkorò àti dídùn, ṣùgbọ́n òórùn èso àti ti òdòdó ti di àwátì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò ra kọfí lọ́wọ́ atọ́wò tí kò gbóòórùn?

Ìlà yòókù lára ìwé ló wá ń kà. Oko tó ti wá: oko kan lórí òkè. Gíga: ẹgbẹ̀rún méjì mítà ó dín díẹ̀. Irú igi: Bọ́bọ́nù. Òtútù òkè kì í jẹ́ kí èso kọfí tètè pọ́n, ó sì sábà máa ń kan díẹ̀ bí ọsàn. Irú igi yìí náà kì í ṣaláì dùn. Ó bá kọ ọ́ gbàgàdà: "Ọsàn, oyin, òdòdó." Ẹni tó wo àwòrán ọbẹ̀ tó ní iyọ̀ rẹ̀ tó!

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àbúrò gbé ife kọfí méjì wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi tọ́ eléyìí wò."

Ẹ̀gbọ́n ò fọwọ́ kan ife. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Jẹ́ kó sinmi ná, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde."

"Ẹ wo ọjọ́ tí mo yan án lára àpò. Ó ti lé lọ́sẹ̀ kan."

Kò sí àwáwí mọ́. Ó mu díẹ̀.

"Ọsàn," ó ní.

Ojú àbúrò rẹ̀ fà ro. Ó jókòó sórí àwọn àpò. Ẹ̀gbọ́n rò pé àṣírí ti tú. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ṣebí ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a.

"Òórùn àpò ìdọ̀họ tó ti bu lèmi ń gbọ́ lẹ́nu," àbúrò sọ. "Látìgbà tí ẹrù yìí ti dé ni. Mo yan án títí, mo da púpọ̀ nù lẹ́yìn ilé kẹ́ ẹ má baà rí i. Tí mo bá ti ka ohun tẹ́ ẹ kọ, màá ní ẹ̀gbọ́n mi ò lè ṣì í, ahọ́n tèmi ló bàjẹ́. Mo ti ń wá ẹni tó máa rọ́pò mi."

Ìtìjú bo obìnrin náà, àánú àbúrò rẹ̀ sì ṣe é gan-an. Ó ti imú bọ ife, ó fà á títí. Kò gbọ́ òórùn kankan.

"Ahọ́n rẹ ò ṣe nǹkan kan," ó ní. "Imú tèmi ló kú. Ìwé ara àpò ni mo ń kà, mi ò tọ́ ọ wò."

Àbúrò gbé ife, ó tún mu díẹ̀.

"Ó ti bu," ó ní. "Ó dá mi lójú wàyí."

Ẹ̀gbọ́n mú bírò, ó fagi lé ọsàn, oyin àti òdòdó.