Iṣẹ́ Wọn Ló Ń Jẹ́

Onídìrí ń dirun fún oníbàárà kan lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tó rí imú ọkọ̀ nínú dígí iwájú rẹ̀. Ó ti oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Oníbàárà yè é, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kọlu ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀kùn irin sì wó lu apá ọ̀tún onídìrí fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì ni, bẹ́ẹ̀dì kún inú rẹ̀ bámúbámú.

Nígbà tí wọ́n tú ohun tí wọ́n fi di apá náà nílé ìwòsàn, dókítà ní yóò ṣeé gbé sókè, àmọ́ àwọn ìka kò ní lè dirun mọ́. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ irun ni onídìrí fi tọ́ ọmọ mẹ́ta. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, ó bọ́jú, ó ní kí wọ́n bá òun pe ọmọ ẹ̀gbọ́n òun tó jẹ́ lọ́yà.

Kí lọ́yà tó dé, máníjà ilé iṣẹ́ náà ti wá kí i. Ó mú awakọ̀ tẹ̀lé ara rẹ̀ bí ẹni mú ewúrẹ́ tó jẹṣu wá fún oníṣu. Ó ní àwọn ti kà á léèwọ̀ fún gbogbo awakọ̀ láti máa gba fóònù lórí ìrìn, fóònù sì ni eléyìí ń gbà. Ó tún ní awakọ̀ ti yà kúrò lọ́nà tí wọ́n rán an lọ, ó lọ ra omi tútù. Àwọn ti lé e lẹ́nu iṣẹ́. Bí onídìrí bá fẹ́ pẹjọ́, awakọ̀ nìyí.

Ọkọ onídìrí, tó kórìíra kóòtù, bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí pé òótọ́ ni. Ìyàwó rẹ̀ kò wò ó.

“Awakọ̀ nìkan kọ́ ni mo máa pè lẹ́jọ́,” ló wí fún máníjà. “Ẹ̀yin tí ẹ kó bẹ́ẹ̀dì lé e lọ́wọ́ náà ń bọ̀.”

Nígbà tí lọ́yà dé, kò fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn án. Ó ní bí awakọ̀ bá rú òfin ilé iṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn nìkan kò lè yọ ọ̀gá rẹ̀ nínú ẹjọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ó ti pa iṣẹ́ tì, tó gbé ọkọ̀ lọ gbádùn ara rẹ̀, òun nìkan ni yóò dáhùn. “Ibi tó ń lọ gan-an lásìkò yẹn ni gbogbo ẹjọ́ yìí dúró lé, Àǹtí.”

Ó jọ pé máníjà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí awakọ̀ fi dá wá sílé onídìrí. Ó ní wọ́n ti ṣèlérí láti gba òun padà, bí òun bá lè sọ ní kóòtù pé ilé ọ̀rẹ́ òun ni òun forí lé. Onídìrí kò fún un lómi, kò sì bẹ̀ ẹ́.

“Ìwọ lo gba apá mi lọ,” ló wí. “Má tún gba òótọ́ mọ́ ọn.”

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, awakọ̀ bọ́ sínú àpótí ẹlẹ́rìí. Lọ́yà ilé iṣẹ́ bi í bóyá ó mọ̀ pé fóònù jẹ́ èèwọ̀. Ó ní òun mọ̀. Ìyàwó òun ló pe òun, òun ló jẹ̀bi, òun kò ní purọ́ sí i. Lọ́yà náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní omi tútù tó lọ rà ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ni?

“Rárá, sà. Mo rà á ládùúgbò kejì, mo sì ti yí padà. Hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń retí bẹ́ẹ̀dì ni mò ń lọ. Iṣẹ́ wọn ni mò ń jẹ́.”

Máníjà tẹjú mọ́lẹ̀.

Adájọ́ ní èèwọ̀ fóònù jẹ mọ́ ọ̀nà tí awakọ̀ gbà ṣe iṣẹ́ náà, kò sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ náà ló ń ṣe. Ìyàkúrò ráńpẹ́ láti ra omi kò sọ ìrìn náà di tara rẹ̀, pàápàá nígbà tó ti forí lé ibi tí wọ́n rán an. Awakọ̀ jẹ̀bi àìbìkítà, ilé iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ bá a ru ú. Onídìrí lè gba gbogbo owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ èyí tó bá wù ú nínú àwọn méjèèjì.

“Ilé iṣẹ́ ni,” ni onídìrí sọ létí lọ́yà rẹ̀ kí adájọ́ tó dìde.

Máníjà bá wọn níta. Ó ní àwọn yóò pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, yóò sì fà gùn.

“Ẹ pè é,” ni onídìrí wí. “Ẹ ó bá mi níbẹ̀.”

Awakọ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀nà, kò mọ ibi tí yóò lọ. Onídìrí kò tíì dárí jì í, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Síbẹ̀ ó ní kí ó bọ́ sínú ọkọ̀ tí àwọn háyà. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà lọ. Òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ òsì ṣílẹ̀kùn, kò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ bá a ṣí i.