Púlọ́ọ̀gì Tó Há

Onígbàjámọ̀ kò tíì gẹ irun bàbá ìyàwó rẹ̀ dé ìdajì tí jẹnẹrétọ̀ fi kú. Púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná sí ẹ́ńjìnnì ló dọ̀tí. Ó fi sípánà sí i, kò mira.

"Ki páìpù bọ ọwọ́ sípánà kó lè gùn, kí o fagbára yí i!" ni bàbá ń pariwo lórí àga, apá kan orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, apá kejì kún fún ewú.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá. Ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná janjan. Bí mo bá fipá mú un, àwọn ìlà tó di púlọ́ọ̀gì mú nínú ihò á jẹ tán."

Ó dúró kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó fẹ́ ìdọ̀tí ìdí rẹ̀ dànù, ó kán òróró tí ń tú ìpẹtà sí i, ó tún dúró. Bàbá ń kùn ṣáá. Inú ń bí onígbàjámọ̀, ṣùgbọ́n ta ní ń bú àna? Ó tú u díẹ̀, ó dá a padà, ó tún kán òróró. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí púlọ́ọ̀gì fi jáde, ìlà kan kò jẹ.

"Mo ṣáà sọ fún ọ pé yóò jáde," ni bàbá wí.

Onígbàjámọ̀ mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣé, sà."